Lẹ́tà ìwáṣẹ́ ẹnjiníà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mo sanwó fún: èyí tó kùnà àti èyí tó wúlò

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ nígbà tí iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ kan kéde pé àwọn ń wá ẹnjiníà tí yóò máa ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn tọ̀sán-tòru. Mo san 8,000 náírà fún àwọn kan tó ń báni kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ dùn mí. Ó ní òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí, pé mo mọ OSPF dáadáa, ìyẹn ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ ráútà fi ń sọ ọ̀nà tí dátà máa gbà fún ara wọn. Ẹ yọ OSPF kúrò, ẹni tó ń wá iṣẹ́ báńkì lè fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́. Ohun tí ọ̀gá tó ń gba èèyàn síṣẹ́ yìí ń fẹ́ mọ̀ ni pé, bí àlámù bá dún ní aago mẹ́ta òru, kí lo máa kọ́kọ́ wò?

Mo fi ẹjọ́ sùn. Àǹtí tó ń bójú tó iṣẹ́ mi pè mí, ó ní kí n sọ ìṣòro kan tí mo ti fọwọ́ ara mi tú. Mo sọ ti ráútà méjì tí mo so pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi nínú GNS3, ètò tí a fi ń dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò. Píǹgì, ìyẹn dátà kékeré tí a fi ń wò bóyá ẹ̀rọ kejì ń dáhùn, ń lọ ó ń bọ̀, síbẹ̀ wọn kò fún ara wọn ní ọ̀nà kankan. Mo tẹ èyí:

```
show ip ospf neighbor
```

EXSTART ló gbé wá, kò sì kúrò níbẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n ti rí ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tí wọ́n mọ̀ han ara wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, MTU tí kò bára mu ló ń fà á, ìyẹn ìwọ̀n ìdì dátà tó tóbi jù lọ tí ojú ráútà gbà. 1500 wà lápá kan, 1400 lápá kejì, ráútà tí tirẹ̀ kéré sì ń da ìdì dátà ti ẹnì kejì nù. Píǹgì lásán kéré jù láti tú àṣírí yẹn. Mo fi `ip mtu 1500` sí apá tó kéré, ó di FULL, ìyẹn ni pé wọ́n ti fi gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ han ara wọn.

Èyí ni wọ́n fi ṣe àárín lẹ́tà kejì, ó sì wọ̀ mí lọ́kàn. Àmọ́ wọ́n kọ ọ́ bí ẹni pé níbi tí mo ti sìnrú ìlú ló ti ṣẹlẹ̀. Mo kọ̀ jálẹ̀. Níbẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ ni mò ń kọ: aago tí àlámù dún, orúkọ máàsì, ẹni tí mo pè, aago tí iná padà dé. Kò sí ẹni tó máa jẹ́ kí ọmọ tuntun yí MTU padà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí àwọn oníbàárà ń lò, ẹni tó bá sì ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò yóò béèrè ẹni tó fún mi láṣẹ. Wọ́n yí i sí “nínú ìdánwò”, wọ́n sì fi ti ìwé àkọsílẹ̀ kún un.

Àtúnṣe náà kò gba owó, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì ló gbà, ọjọ́ tí ìkéde ń parí gan-an ló sì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ irú wọn, ẹ fi ìtàn ìṣòro tí ẹ tú ránṣẹ́ pọ̀ mọ́ owó.