FineReader, Tesseract tàbí Textract: èwo ló lè ka àtẹ tí àkọlé rẹ̀ nàró?

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ọ̀rọ̀ inú àwòrán ìwé ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo irú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín. Bí odidi ojú ewé bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè kà á. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni ojú ewé tó dúró dáadáa, àmọ́ tí àkọlé òpó nìkan nàró: ìwé máàkì kíláàsì, fún àpẹẹrẹ, tí orúkọ ọmọ wà lápá òsì, tí wọ́n sì kọ orúkọ iṣẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè kí òpó má baà fẹ̀.

| | FineReader | Tesseract | Textract |
|---|---|---|---|
| Owó | ẹ ó sanwó rẹ̀ | ọ̀fẹ́ ni | iye ojú ewé lẹ ń san |
| Ewé tó yí | ó ń tún un ṣe | ẹ fi `--psm 1` sí i | ó ń kà á bẹ́ẹ̀ |
| Àkọlé tó nàró | ẹ̀yin lẹ ó tọ́ka sí i | ẹ gé e, kí ẹ yí i | kò dájú pé yóò kà á dáadáa |
| Àtẹ | ó ń gbé e lọ sí Excel | kò mọ̀ ọ́n yà | ó ń yà á |

Nínú FineReader ti Windows, ẹ yan àwọn àpótí àkọlé, kí ẹ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ wọn ń lọ láti ìsàlẹ̀ sókè, kí ẹ tún kà á. Ẹ lè fi ìlà àtẹ náà pamọ́ fún àwọn ewé tó kù, bí ẹ bá síkáànù gbogbo wọn bákan náà. Ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún ewé tó jọra, èyí ni kó rà.

Bí ewé kò bá ju mélòó kan lọ, Tesseract tó. Ká ní ewé A4 tó fi ìbú lélẹ̀, 300 dpi, ìyẹn píksẹ́lì 3508 × 2480, tí àkọlé rẹ̀ ga tó 400, tó sì bẹ̀rẹ̀ ní 400 láti òsì àti 300 láti òkè. Ẹ fi ImageMagick gé e, kí ẹ yí i, kí Tesseract wá kà á:

```
magick ewe.png -crop 3000x400+400+300 +repage -rotate 90 ori.png
tesseract ori.png ori --psm 6
```

Òpó tó wà lápá òsì pátápátá ni yóò di ìlà kìíní, nítorí náà ètò wọn kò ní dàrú. Ẹ ka iye ìlà tó jáde. Bí òpó bá jẹ́ 12 tí ìlà jẹ́ 13, àkọlé kan ló pín sí ìlà méjì, bíi AGRIC. SCIENCE. Bí ẹ bá rí `|` tàbí I ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí orúkọ, ìlà àtẹ ló kà mọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún fọ́ọ̀mù tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí. Ohun tó pọ̀ jù lójú ewé ni `--psm 1` fi ń mọ ibi tí òkè wà. Bó bá jẹ́ àkọlé tó nàró nìkan ló rí, ó lè yí odidi ewé náà sí ẹ̀gbẹ́. Irú ewé bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi dán FineReader wò kí ẹ tó rà á.

Ní ti Textract, èdè Yorùbá kò sí lára èdè tó ń kà. Tesseract ní `-l yor`.