Íápíìsì mi àti tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọ mi
Ti Apple ni íápíìsì mi, láptọ́ọ̀pù mi, fóònù mi àti tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọ mi. Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo jókòó sí yàrá mi ní Bódìjà, mo ń gbọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa tí a ti gbà sílẹ̀ láti inú láptọ́ọ̀pù, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Akápò ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ka iye owó tó kù nílẹ̀ ni ohùn rẹ̀ pòórá, tí orin kàtúnù sì gba etí mi. Kí n tó mọ ohun tó dé, orin náà ti ròkè débi pé ńṣe ni mo já íápíìsì méjèèjì sọ sílẹ̀. Láti pálọ̀ ni ọmọbìnrin mi ti ń ké pé, "Mọ́mì, tábúlẹ́ẹ̀tì yìí ò dún mọ́ o!" Òun ló ń tẹ bọ́tìnnì ohùn sókè lọ́hùn-ún, etí tèmi ló ń jìyà.

Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ tí mo ti ra íápíìsì náà ní Ìwó Róòdù. Ọ̀gá ibẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ kí n rojọ́ tán. Ó fi ìka fa ojú tábúlẹ́ẹ̀tì wálẹ̀, ó pa àmì Bluetooth, ó ní, "Ó ti parí, mà," ó sì gba 2,000 náírà. Lóòótọ́, mo ní àlàáfíà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ọjọ́ kejì, kàtúnù tún dé! Bọ́tìnnì yẹn kì í pa Bluetooth pátápátá. Ó kàn ń já a kúrò lára íápíìsì ni, bí aago márùn-ún ìdájí bá sì ti lù, yóò tún ṣí ara rẹ̀.

Ìbínú ni mo fi padà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá ti jáde. Ọmọbìnrin ìkọ́ṣẹ́ kan ló fún mi ní àga, tó sì béèrè pé, "Ṣé àkáǹtì Apple kan náà lẹ fi ṣí fóònù, láptọ́ọ̀pù àti tábúlẹ́ẹ̀tì, mà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣàlàyé pé íápíìsì náà kò bàjẹ́: èyíkéyìí nínú wọn tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún ló máa ń fà á mọ́ra. Ó ní kí n fi í sétí, ó so ó mọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ìlà tí à ń wá kì í hàn bí kò bá sí lórí rẹ̀. Ó wọ Settings, ó wọ Bluetooth, ó tẹ "i" tó wà nínú róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ íápíìsì, ó ṣí Connect to This iPad, ó sì kúrò lórí Automatically bọ́ sórí When Last Connected to This iPad. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lórí fóònù àti láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà ló tan kàtúnù, tí ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo ìsọ̀, nígbà tí akápò wa ń ka owó lọ létí mi wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò gba kọ́bọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ dùn mí lẹ́yìn náà: bí ìpè bá wọlé, íápíìsì kì í bọ́ sórí fóònù mọ́ àfi kí n fọwọ́ yàn án. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá fóònù nìkan padà sí Automatically. Tábúlẹ́ẹ̀tì ṣì lè gbà á padà bó bá jẹ́ òun ni mo lò kẹ́yìn, nítorí náà n kì í fi í gbọ́ nǹkan níbẹ̀ mọ́.

Mo fún ìsọ̀ náà ní 2 nínú 5. Ẹ lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni kí ẹ béèrè.