Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún ọlọ́jà tó gba owó lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ń sọ pé kí ẹ ní sùúrù

Ẹ̀yin ará wa tó ń ra oúnjẹ ilé ní Tẹ́ksáàsì, mo fẹ́ kìlọ̀ fún yín nípa ilé ìtajà kan tí mi ò ní dárúkọ. Mo ra èlùbọ́, irú àti pánla níbẹ̀, iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 86.40. Akọ̀wé owó ní káàdì àwìn mi kò wọlé, ó sì ní kí n tún fi kan ẹ̀rọ. Rìsíìtì kan ṣoṣo ni ó fún mi, àmọ́ iye kan náà ló jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú àkọsílẹ̀ káàdì mi.

Bí irú rẹ̀ bá bá yín, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀kan ṣì wà ní "Pending", nítorí irú èyí sábà máa ń parẹ́ fúnra rẹ̀. Bí méjèèjì bá ti di "Posted", owó ti lọ nìyẹn, ọlọ́jà ló sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, nítorí òun ló lè dá a padà kíákíá jù lọ. Ẹ kọ ọjọ́, iye, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn káàdì àti àwòrán ìlà méjèèjì, kí ẹ sì ní kó fi ìṣirò ọjọ́ yẹn lórí ẹ̀rọ rẹ̀ wéra pẹ̀lú ọjà tó tà. Ẹ má fi nọ́ńbà káàdì yín lódindi ránṣẹ́ o.

Èsì tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ni pé báńkì mi ló ṣe é. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n gba ọjà tó tó iye owó náà, tí mo sì kọ̀ ọ́ nítorí pé orí káàdì ni owó ti kúrò, ibẹ̀ ló yẹ kó padà sí. Nígbà tó yá, ó di "ẹ ní sùúrù di ìparí oṣù", ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1974 lórí àṣìṣe ìwé owó káàdì àwìn fún wa ní ọjọ́ 60, láti ọjọ́ tí báńkì fi ìwé àkọ́kọ́ tí àṣìṣe náà wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́, láàárín èyí tí lẹ́tà wa gbọ́dọ̀ ti dé àdírẹ́sì "Billing Inquiries" tó wà lórí ìwé náà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń bá ọlọ́jà sọ kò dá ọjọ́ yẹn dúró, ìpè fóònù sí báńkì lásán kò sì dípò lẹ́tà.

Nítorí náà, ẹ fún ọlọ́jà ní ọjọ́ kan pàtó nínú ìwé, kó má ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Èmi fi ẹ̀dà lẹ́tà tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí báńkì hàn wọ́n, ni wọ́n bá dá owó náà padà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ní ẹ̀rọ wọn kò lè ṣe é. Bí ọlọ́jà bá dá owó padà lẹ́yìn tí ẹ ti kọ̀wé sí báńkì, ẹ sọ fún báńkì kíá, kí wọ́n má baà san án lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n sì tún gba ọ̀kan padà.

Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti sọ fún pé káàdì rẹ̀ kò wọlé nírú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀, kó lọ yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò lónìí.