Àgbéyẹ̀wò: áàpù tó ní kí n rà ní 110, kí n tà ní 100

Owó oṣooṣù ni wọ́n ń gbà lórí áàpù yìí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì ń ṣe: ó ń fa ìlà méjì sórí ṣáàtì. Ìlà àkọ́kọ́, èyí tó yára, ni ìpíndọ́gba iye tí ọjà fi parí ní ọjọ́ 5 tó kẹ́yìn. Ìkejì, tó ń falẹ̀, ni ti ọjọ́ 10. Lójoojúmọ́, iye tuntun á wọlé sínú ìṣirò, èyí tó pẹ́ jù á jáde. Bí ìlà tó yára bá gba orí èkejì kọjá sókè, fóònù á dún pé kí o rà. Bó bá já wálẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀, kí o tà.

Kò sí ẹ̀sùn lórí bó ṣe ń fi àmì ránṣẹ́. Ó ń dúró kí ọjà ọjọ́ náà parí, nítorí náà kì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Bí ọjà bá gbéra tó sì ń gòkè lọ, áàpù yìí á gbé ọ dé ibi tó jìnnà.

Wàhálà ni ọjà tó ń lọ síwá-sẹ́yìn lójú kan. Ẹ wo ọjà tó bẹ̀rẹ̀ ní 100, tó ń fi 2 gòkè lójúmọ́ títí dé 110, tó tún ń fi 2 sọ̀ kalẹ̀ padà sí 100, tó sì ń tún un ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpíndọ́gba ọjọ́ 10 kò ní kúrò ní 105 láé. Lọ́jọ́ tí iye bá dé 108, ìpíndọ́gba ọjọ́ 5 ṣì wà ní 104. Ọjọ́ kejì, iye dé 110, ìpíndọ́gba di 106, fóònù dún: rà. Orí òkè téńté nìyẹn! Nígbà tí iye bá já sí 102, ìpíndọ́gba ṣì jẹ́ 106. Ó di 104 lọ́jọ́ tí iye kan 100, ìgbà yẹn ló ní kí o tà. O ti pàdánù 10, kí a tó ka owó iṣẹ́ alágbàtà, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì rí ní gbogbo ìyípo.

Ohun tó fà á ni pé ìpíndọ́gba ọjọ́ 5 ń sọ ìròyìn ọjọ́ tó wà láàárín, ìyẹn ọjọ́ 2 sẹ́yìn. Nínú ọjà tó ń yí padà kíákíá, ìròyìn náà ti kú kó tó dé etí wa.

Nígbà tí mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní kí n fi kún iye ọjọ́. Ìyẹn á dín àmì kù lóòótọ́, àmọ́ ìròyìn á túbọ̀ pẹ́, ìyípo tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ á sì tún mú un.

Àlàfo tó wà láàárín ìlà méjèèjì ni èmi ń wò. Nínú ìyípo òkè yìí, kò ju 2.6 lọ rí. Bí ọjà bá ń fi 2 gòkè lójúmọ́ láìdúró, àlàfo á dé 5. Nítorí náà, n kì í rà àyàfi tó bá pé 3. Mo mọ ohun tó ń ná mi: bí ọjà tó dúró jẹ́ẹ́ bá gbéra báyìí, ọjọ́ karùn-ún ni àlàfo tó ń pé 3, iye sì ti fi 10 gòkè. Ìyípo tó bá sì fẹ̀ ju èyí lọ á ṣì tàn mí.

Áàpù náà kò níbi tí a ti lè yan àlàfo yìí. Ojú ni mo fi ń wò ó. Ìràwọ̀ 3 nínú 5.