Ilé mẹ́ta, omi, iná àti gáàsì: ọ̀nà wo ló fi hàn pé ìlà gbọ́dọ̀ kọjá lórí ara wọn?

A fẹ́ fa ìlà láti ilé kọ̀ọ̀kan lọ sí omi, iná àti gáàsì: kókó 6, ìlà 9.

Ọ̀nà kìíní ni E ≤ 3V − 6, òfin fún àwòrán tí ìlà rẹ̀ kò kọjá lórí ara wọn: V ni iye kókó, E ni iye ìlà. Ààlà rẹ̀ jẹ́ 12, ìlà wa kò sì ju 9 lọ, torí náà kò fi nǹkan kan hàn.

Èkejì ni mo fara mọ́. Kò sí ìlà láàárín ilé àti ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí láàárín omi, iná àti gáàsì, nítorí náà ojú kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán, ìyẹn àyè kọ̀ọ̀kan tí àwọn ìlà pín sọ́tọ̀ àti èyí tó wà níta, nílò ó kéré tán ẹ̀gbẹ́ 4. Bí ìlà kankan kò bá kọjá lórí èkejì, V − E + F = 2 ti Euler, níbi tí F jẹ́ iye ojú, ní kí ojú jẹ́ 5, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ 20. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ 2 péré: 18 ni gbogbo rẹ̀. Kò tó!