Ojú nìkan àbí fótò gbogbo ara: èwo lẹ máa sanwó fún?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra áàpù tó ń ya odindi èèyàn látinú fótò, oríṣi méjì lẹ máa bá pàdé jù. Ọ̀kan ń gba fótò ojú kan ṣoṣo, irú InstantID tàbí IP-Adapter FaceID. Èkejì máa ní kẹ́ ẹ kó fótò bíi 15 sí 20 wá, á wá fi kọ́ LoRA tiyín, ìyẹn fáìlì kékeré tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ AI mọ bẹ́ ẹ ṣe rí.

Ti ojú nìkan yá, kì í gba àkókò rárá. Àmọ́ ó máa sọ ojú yín di àkójọ nọ́ńbà 512, kò sì sí èjìká, ọwọ́ tàbí gíga yín nínú ẹ̀, àfi bíi télọ̀ tí wọ́n fún ní ìwọ̀n fìlà tí wọ́n ní kó rán ṣòkòtò. Ara tó bá yọ, ó kàn méfò ẹ̀ látinú fótò àwọn ẹlòmíì ni, tẹ́ ẹ bá tún wá fa ìwọ̀n agbára tí áàpù fún fótò ojú yẹn dé 1.0, orí sábà máa ń tóbi ju èjìká lọ, ẹ dín in kù sí bíi 0.6 orí á wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú náà ò ní fi bẹ́ẹ̀ jọ yín mọ́.

LoRA ló ń borí níbí, tó bá jẹ́ pé fótò ìdúró wà nínú èyí tẹ́ ẹ kó wá o. Tó bá jẹ́ sẹ́lífì ni gbogbo ẹ̀, owó ti lọ lásán nìyẹn.

Ti ẹyinjú àti ìka, ọ̀tọ̀ ni, àwọn méjèèjì ló ń jìyà ẹ̀. SDXL, ìyẹn ẹ̀rọ AI tó ń ya àwòrán, kì í ya písẹ́lì ní tààrà, àpótí kéékèèké ló ń yà, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún písẹ́lì 8 ní ìbú, 8 ní òró. Ká ní àwòrán yín jẹ́ písẹ́lì 832 ní ìbú, 1216 ní òró, tẹ́ni tó dúró sì ga tó písẹ́lì 1100: orí á jẹ́ nǹkan bíi 147, ojú á fẹ̀ tó 100, ẹyinjú kan ò ní ju 20 lọ, ìyẹn àpótí méjì ààbọ̀ péré. Ìka kan ò ju bí àpótí kan lọ. Ibo ló ti fẹ́ ríbi ya ọmọlójú méjì tó bára mu? Ojú kan náà tó bá gba gbogbo àwòrán, ẹyinjú á ní bí àpótí 20, ìdí nìyẹn tí fótò ìpolówó wọn fi ń dán.

Nítorí náà ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń tún ojú yà lẹ́ẹ̀kejì, irú iṣẹ́ ADetailer: á gé ojú jáde, á yà á ní títóbi, á lẹ̀ ẹ́ padà. Ìyẹn ń tún ẹyinjú ṣe dáadáa. Ti ìka ò dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀, torí tí mẹ́fà bá ti wà nílẹ̀ tí wọ́n sì rọra tún un yà, mẹ́fà tó mọ́ tónítóní lẹ máa gbà.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kó ya ìdúró láti orí dé ẹsẹ̀, tọ́wọ́ méjèèjì hàn. Ẹ fi orí wọn ara: àgbàlagbà sábà máa ń tó orí méje sí mẹ́jọ, tó bá jẹ́ márùn-ún, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wá súnmọ́ ẹyinjú, ṣé ibì kan náà ni méjèèjì ń wò? Èmi, tó bá jẹ́ àwòrán ojú dé àyà nìkan ni mo fẹ́, màá ra ti ojú nìkan, tó bá di ìdúró, LoRA.