Panẹ́ẹ̀lì sólà méjì lórí páànù Òṣogbo: ìfiwéra bí ooru ṣe ń dín iná wọn kù

Bí ẹni tó fẹ́ ra sólà ní Òṣogbo bá rí panẹ́ẹ̀lì méjì tí wọ́n kọ 550 W sí lára, tí ọ̀kan sì wọ́n ju èkejì lọ, ohun tó yẹ kó wádìí ni iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò mú wá ní ọ̀sán oṣù Kẹta, nígbà tí páànù ilé bá gbóná débi pé ọwọ́ kò ṣeé fi kàn án. Ibi ìdánwò ni wọ́n ti wọn 550 W yẹn, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ 1000 W/m², nígbà tí sẹ́ẹ̀lì inú panẹ́ẹ̀lì wà ní 25°C. STC ni ìwé àlàyé panẹ́ẹ̀lì ń pe ipò yìí, kò sì sí òrùlé kan ní ìlú wa tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń tutù tó bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Ìlà àkọ́kọ́ tí ẹ ó wá nínú ìwé náà ni `Temperature Coefficient of Pmax`. Ẹ jẹ́ ká pe panẹ́ẹ̀lì tó dínwó ní A, irú PERC, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ −0.35%/°C, ká pe èyí tó wọ́n ní B, irú TOPCon, tí tirẹ̀ jẹ́ −0.29%/°C. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń fi dígírì kọ̀ọ̀kan gbóná ju 25 lọ, bẹ́ẹ̀ ni agbára ń fi iye yẹn dín kù. Ẹ ṣọ́ra níbí, nítorí pé ìlà Voc wà nítòsí rẹ̀, nọ́ńbà tirẹ̀ sì sábà máa ń kéré sí i, bíi −0.27, ṣùgbọ́n fóòlùtì ni ìlà yẹn ń sọ, kì í ṣe agbára. Olùtajà tó bá fi Voc panẹ́ẹ̀lì kan wé Pmax òmíràn ti ṣi oníbàárà lọ́nà.

Ìlà kejì ni NMOT, tí ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 45°C. Ó ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe gbóná tó nígbà tí ìmọ́lẹ̀ jẹ́ 800 W/m², tí àyíká wà ní 20°C, tí atẹ́gùn díẹ̀ sì ń fẹ́ gba ẹ̀yìn panẹ́ẹ̀lì kọjá. Láti ibẹ̀ ni a ti lè ṣírò ti ọ̀sán wa, bí àyíká bá jẹ́ 34°C tí oòrùn sì ràn dáadáa:

```
34 + (45 − 20) ÷ 800 × 1000 ≈ 65°C
```

Panẹ́ẹ̀lì tí a gbé sókè kúrò lára páànù ni 65°C yìí bá mu. Bí oníṣẹ́ bá tẹ́ ẹ mọ́ páànù, ooru kò ní ríbi gbà jáde. Fún àpẹẹrẹ yìí, mo fi 10°C kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè dín tàbí kó lé. Iye tó ṣẹ́kù nínú 550 W nìyí:

| | A | B |
|---|---|---|
| A gbé e sókè, 65°C | 473 W | 486 W |
| A tẹ́ ẹ mọ́ páànù, 75°C | 454 W | 470 W |

Ẹ wo 473 àti 470 yẹn dáadáa. Panẹ́ẹ̀lì A tó dínwó, tí atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, mú iná wá ju B olówó gọbọi tí wọ́n tẹ́ mọ́ páànù lọ. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó ra B kó sì tún gbé e sókè yẹ kó kọ́kọ́ ná an sórí irin tí yóò gbé panẹ́ẹ̀lì sókè. Bí iye owó A àti B kò bá fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, kí ó mú B. Ìyàtọ̀ wáàtì 13 sí 16 tó wà láàárín wọn, ọ̀sán tí oòrùn mú nìkan ni. Ní oṣù Keje àti Ìkẹjọ, tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí.

Àlàfo abẹ́ panẹ́ẹ̀lì yẹ kó tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ àti lókè sì ṣí sílẹ̀, nítorí pé láti ìsàlẹ̀ ni atẹ́gùn ń wọlé, òkè ni ooru sì ń gbà jáde. Ewé gbígbẹ tàbí ìtẹ́ ẹyẹ tó bá dí ẹnu ìsàlẹ̀ yóò sọ àlàfo náà di asán. Ẹ má sì gbé e ga jù, torí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Igi òrùlé ni kí wọ́n de irin náà mọ́, kì í ṣe páànù lásán, pàápàá lórí àwọn ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tí páànù wọn ti fẹ́lẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un ti rí lè fi ẹ̀rọ tí a ń nà sí nǹkan láti wọn ooru rẹ̀, irú èyí tí mẹkáníìkì ń lò, wọn ẹ̀yìn panẹ́ẹ̀lì ní nǹkan bí aago méjìlá sí méjì ọ̀sán. Èyí tí wọ́n ń nà sí iwájú orí ènìyàn kò lè ka ooru tó bẹ́ẹ̀, gíláàsì iwájú panẹ́ẹ̀lì sì máa ń ṣi ẹ̀rọ náà lọ́nà. Bí ẹ̀yìn panẹ́ẹ̀lì bá fi nǹkan bí 30°C gbóná ju àyíká lọ, ó ṣì bá ìṣirò mu. Bí ó bá lé ní 40°C, kí a pe oníṣẹ́ padà kí ó wá wo abẹ́ rẹ̀.